Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe àwọ̀ fídíò kó lè bá àwòkọ́ṣe mu

Ẹnì kan gbé fídíò wá fún mi nígbà kan, ó fi fọ́tò kan tì í, ó ní: "Ẹ bá mi jẹ́ kí àwọn ibi tó ṣókùnkùn yẹn dúdú sí i, kó dà bíi ti fọ́tò yìí." Mo gbọ́ dúdú, mo sì fa ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi ṣú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tó rí i, ó ní ohun tí òun wí kọ́ nìyẹn. Mo wá padà sí fọ́tò náà, mo fara balẹ̀ wò ó. Òkùnkùn inú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣú tó ti fídíò wa látìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn ní búlúù àti àwọ̀ ewé nínú ni. Àwọ̀ ni ẹni yẹn ń pè ní dúdú. Àìsí ìmọ́lẹ̀ ni èmi gbọ́. Odidi ọ̀sán kan lọ sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èdè wa fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tó fà á. Dúdú lẹ́nu wa gba búlúù, ó gba àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, ó sì gba òkùnkùn. Pupa gba àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ọsàn, títí dé àwọ̀ ilẹ̀. Funfun gba ohun tó mọ́lẹ̀ àti ohun tó ti ṣá. Láàárín ilé, kò sí wàhálà nínú èyí, torí pé ohun tí à ń tọ́ka sí wà níwájú wa. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ àtúntò àwọ̀, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní kọ́lọ̀ gíréèdíǹgì, ìmọ́lẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yí i, àwọ̀ náà sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ọ̀rọ̀ kan bá di méjèèjì pọ̀, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò ní mọ èwo ni kó fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, gbólóhùn tó bá máa wúlò fún iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mẹ́rin: ibo nínú àwòrán, síhà àwọ̀ wo, báwo ló ṣe pọ̀ tó, àti kí ni a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀kẹrin yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, òun náà ló sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ibo. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ yìí bá sọ pé ṣádò, ọ̀pọ̀ ló rò pé òjìji ni wọ́n ń sọ, èyí tí èèyàn tàbí igi máa ń ṣẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán ni ṣádò: irun orí, abẹ́ tábìlì, bàtà dúdú, kọ̀rọ̀ yàrá. Háìláìtì ni gbogbo ibi tó mọ́lẹ̀: fìtílà, ojú fèrèsé, aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ bà. Ohun tó kù wà láàárín, ibẹ̀ sì ni ojú èèyàn sábà máa ń bọ́ sí. Kò sí ògiri tó pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níyà. Nínú DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ṣe àtúntò àwọ̀, òbírí tí wọ́n ń pè ní Lift ló ń darí òkùnkùn, Gamma ń darí àárín, Gain ń darí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀ọ̀kan wọn máa ń ṣàn wọ agbègbè èkejì. Tí ẹ bá fi àwọ̀ sínú Lift, ó máa pọ̀ jù nínú òkùnkùn, yóò máa dín kù bó ṣe ń gòkè, àmọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó jókòó níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀.

Ìhà àwọ̀ ló kàn. Tíìlì tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ yìí, àárín búlúù àti àwọ̀ ewé ló wà. Lórí òbírí àwọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí àwọ̀ ọsàn. Ara èèyàn sì máa ń bọ́ sí ìhà àwọ̀ ọsàn, yálà ẹni náà dúdú tàbí ó pupa. Ohun tó ń mú ara kan yàtọ̀ sí èkejì nínú fídíò jẹ́ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe kún tó. Ìhà tó kọjú sí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya ìlà ara èèyàn sórí fẹ́kítọ̀skóòpù, ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ tó rí roboto, láàárín pupa àti yẹ́lò. Tí tíìlì bá wà nínú òkùnkùn ẹ̀yìn, tí ojú èèyàn sì wà níwájú, àwọ̀ méjèèjì kọjú síra wọn, ojú náà á sì yọ jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tíìlì.

Ìmọ́lẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni èyí tó fì síhà yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn. Ibí yìí ni nọ́ńbà kan ti máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àtijọ́ tí wọ́n ń lò nínú ilé ìyàwòrán jẹ́ nǹkan bíi 3200 K, ti ọ̀sán gangan jẹ́ nǹkan bíi 5600 K. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló pupa, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ló sún mọ́ búlúù. Àmọ́ tí ẹ bá ṣí fọ́tò nínú ọ̀pọ̀ ètò àtúnṣe, tí ẹ sì gbé nọ́ńbà náà sókè, àwòrán á pupa sí i. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ńṣe lẹ ń sọ fún ètò náà pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ya á ní búlúù púpọ̀, òun sì ń fi pupa dí i. Nítorí èyí, nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣe é, ẹ má kọ "ẹ gbé e sókè". Ẹ kọ ìhà tó yẹ kó fì sí: síhà àwọ̀ ọsàn tàbí síhà búlúù.

Kí a tó gba ojú wa gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ojú. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan wà, Michel-Eugène Chevreul, tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé dúdú tí wọ́n pa láró níbẹ̀ kò dúdú dáadáa. Ó yẹ òwú wò, kò rí àbùkù nínú aró náà. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú yẹn nínú aṣọ ló ń yí i padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ọdún 1839 ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, ohun tó rí níbẹ̀ sì wà títí dòní: àwọ̀ kan máa ń ti aládùúgbò rẹ̀ síhà òdìkejì ara rẹ̀. Àwọ̀ eérú lásán, tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà aláwọ̀ ọsàn, máa ń ní búlúù lójú wa. Ẹ lè wo fọ́tò kan, kí ẹ búra pé òkùnkùn rẹ̀ jẹ́ tíìlì, kó sì jẹ́ pé eérú ni.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn. Ọ̀pọ̀ ètò àtúnṣe fọ́tò ló ní irinṣẹ́ tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ibì kan, á ka nọ́ńbà mẹ́ta fún yín: R fún pupa, G fún àwọ̀ ewé, B fún búlúù, láti 0 dé 255. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, kò sí àwọ̀ níbẹ̀, eérú ni. Tí R bá kéré jù, tí G àti B sì súnmọ́ ara wọn lókè rẹ̀, tíìlì ni. Tí R bá tóbi jù, tí G tẹ̀ lé e, tí B sì kéré jù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù ló ń sọ bí àwọ̀ náà ṣe kún tó. Kò sí ohun míì tí ẹ nílò láti mọ̀ nínú nọ́ńbà wọ̀nyí fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó kọ gbólóhùn kankan: ṣé àtúntò ló mú tíìlì yẹn wá, àbí ọ̀dà ni wọ́n fi kun ògiri? Fọ́tò púpọ̀ ni wọ́n ti yan aṣọ, ògiri àti àga sí kí ẹnikẹ́ni tó tẹ kámẹ́rà. Ẹ ka àwọn ohun tí ẹ mọ̀ pé kò ní àwọ̀ tirẹ̀: irun dúdú, bàtà dúdú, ìwé funfun. Tí irun àti bàtà bá ní tíìlì, àtúntò ni. Tó bá jẹ́ ògiri nìkan ló ní in, tí irun sì dúdú lásán, ọ̀dà ni, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ọ̀rọ̀ "òkùnkùn tíìlì" dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ògiri yín funfun máa kàn ba irun èèyàn jẹ́ lásán ni. Mo ti rí i tí wọ́n fi wákàtí púpọ̀ lépa ohun tí kò sí nínú àtúntò rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan ṣe. Àwòkọ́ṣe náà ni fọ́tò obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà nínú yàrá, tí òdòdó inú ìkòkò kan, tó kún fún ewé, wà lẹ́yìn rẹ̀. Fídíò wa ni ti ọkùnrin kan nínú yàrá tó jọ ọ́, fìtílà wà níbẹ̀, ìkòkò ewé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ roro bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò nínú kámẹ́rà. Mo ka ibi mẹ́rin nínú àwòkọ́ṣe:

```
                R    G    B
abẹ́ tábìlì     22   31   35
ẹ̀rẹ̀kẹ́         148  104   80
ewé             78   96   74
ojú fìtílà     236  222  190
```

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé abẹ́ tábìlì kò dé 0, ojú fìtílà náà kò sì dé 255. Àwòrán náà kò ní dúdú tó ṣú pátápátá, kò sì ní funfun gbòò. Nínú fídíò wa, abẹ́ tábìlì jẹ́ 4, 4, 5, fìtílà sì jẹ́ 252, 253, 255. Nítorí náà, kí a tó dárúkọ àwọ̀ kankan, gbólóhùn àkọ́kọ́ ní láti jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀: "Ẹ gbé ibi tó ṣókùnkùn jù sókè díẹ̀, kó dà bí ẹni pé kùrukùru díẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ fa ibi tó mọ́lẹ̀ jù wálẹ̀ kó má funfun gbòò mọ́." Ẹ wò ó bí a kò ṣe lo dúdú níbẹ̀ rárá.

Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ni pé fífẹ ìyàtọ̀ òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ máa ń mú àwọ̀ kún sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kún. Ẹ mú àwọ̀ kan tó jẹ́ 120, 100, 80. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Tí ẹ bá fẹ ìyàtọ̀ náà ní ìlọ́po 1.2 láti orí 100, ó di 124, 100, 76. Ìyàtọ̀ ti di 48. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dín àwọ̀ kù, tó wá ṣe ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn, á máa padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ tó rọlẹ̀ kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní múútẹ̀ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń da nǹkan rú jù lójú tèmi, torí nǹkan mẹ́ta tí kò jọra ni àwọn èèyàn ń fi sọ. Ẹnì kan á wí i, ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí àwọ̀ má tàn yòò. Ẹlòmíì á wí i, ohun tó ń sọ ni àwòrán tó ṣá, bí aṣọ tí oòrùn ti pa, tí òkùnkùn rẹ̀ gòkè tí kò sì ṣú mọ́. Ẹni kẹta á wí i, àwòrán tó ṣókùnkùn lápapọ̀ ló ń fẹ́. Tí ẹ bá fún ẹni àkọ́kọ́ ní ti ẹni kejì, ó máa ní àwòrán òun ti dà bí ohun tí wọ́n bu eérú lé. Àwòrán lè ní òkùnkùn tó jinlẹ̀ dáadáa, kí àwọ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó sì lè ṣá, kí àwọ̀ kan nínú rẹ̀ ṣì pọ́n rẹ́dẹ́rẹ́dẹ́. Nítorí náà, ẹ sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn gan-an: "kí àwọ̀ dín kù" tàbí "kí òkùnkùn má ṣú" tàbí "kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ sí i". Wọ́n lè para pọ̀, ṣùgbọ́n kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú àwòkọ́ṣe wa, ẹ wo ewé: 78, 96, 74. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22 péré. Ewé tútù kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni; wọ́n ti mú àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ gan-an. Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́: 148, 104, 80, ìyàtọ̀ 68. Àwọ̀ wà lára èèyàn dáadáa. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo àwòrán kọ́ ni wọ́n mú rọlẹ̀ bákan náà. Ewé ló rọlẹ̀ jù, wọ́n dá ara èèyàn sí. Tí a bá kọ "ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rọlẹ̀" nìkan, ẹni tó ń ṣe é á fa Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe kún tó, wálẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ títí ewé fi máa bá a mu, ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ á sì dà bí aláìsàn. Gbólóhùn tó yẹ ni: "Ẹ dín àwọ̀ kù díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá dín àwọ̀ ewé nìkan kù púpọ̀, kó sún mọ́ eérú. Ẹ má dín ti ara èèyàn kù kọjá díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn." Nínú Resolve, Saturation máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 50, mo fà á sí 42, mo sì lo ìlà Hue Vs Sat, èyí tó ń dín àwọ̀ kan ṣoṣo kù, láti mú àwọ̀ ewé wálẹ̀ sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà wá jẹ́ 152, 111, 91.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí tíìlì. Abẹ́ tábìlì àwòkọ́ṣe jẹ́ 22, 31, 35. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwọ̀n náà. Ó kéré! Lójú, ó pọ̀, torí pé fìtílà aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí Chevreul rí. Ojú ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é, láìka nọ́ńbà, mo sì ti Lift síhà tíìlì títí òkùnkùn fi di nǹkan bíi 10, 38, 46. Òkùnkùn náà wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ti di 146, 118, 104. Láàárín R àti G, ìyàtọ̀ tó jẹ́ 41 tẹ́lẹ̀ ti di 28. Awọ rẹ̀ ṣá bí ara ẹni tí harmattan pa láìfi nǹkan pa á. Lórí fẹ́kítọ̀skóòpù, ìkùukùu kékeré tó dúró fún ojú rẹ̀ ti kúrò lórí ìlà ara èèyàn, ó ń súnmọ́ àárín gbùngbùn níbi tí kò ti sí àwọ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀: Lift ti ṣàn dé ojú.

Àmì tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n láìlo ẹ̀rọ wà lára ètè àti ẹ̀bá ojú. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti súnmọ́ awọ jù, ibẹ̀ náà ni pupa ti kọ́kọ́ máa ń kú. Tí ètè bá ti ń fara jọ àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tíìlì ti kọjá ààyè rẹ̀.

Mo dá a padà sí 22, 31, 35. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ di 149, 112, 95, ó ṣì ṣá díẹ̀. N kò fọwọ́ kan àárín síbẹ̀, mo lọ sórí ìmọ́lẹ̀. Ojú fìtílà àwòkọ́ṣe jẹ́ 236, 222, 190: B fi 46 kéré sí R. Mo ti Gain síhà àwọ̀ ọsàn títí fìtílà tiwa fi dé ibẹ̀. Gain náà máa ń ṣàn, láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì kọjá lára ẹ̀rẹ̀kẹ́: 151, 108, 80. Ojú ọkùnrin náà ti yè. Ohun tí tíìlì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wọ́ọ́rọ́ dá padà láti òkè. Ìdí nìyí tí méjèèjì fi sábà máa ń wà pa pọ̀, tí kò sì fi dára kí a máa ṣèdájọ́ ara èèyàn nígbà tí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà ka abẹ́ tábìlì, ó ti di 22, 30, 29. Gain ti mú búlúù kúrò nínú òkùnkùn, tíìlì sì ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀bi yìí ni mo máa ń rí jù nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní àwọn fẹ́ tíìlì, òkùnkùn wọn sì rí bí omi adágún tí ewéko bò. Tí ẹ bá rí i nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá fún yín, ẹ má kọ "tíìlì yín kò tó". Ẹni náà á fi kún un síhà kan náà, àwọ̀ ewé á sì pọ̀ sí i. Ẹ kọ ohun tó sọnù: "Òkùnkùn ti fì síhà àwọ̀ ewé, ẹ fi búlúù díẹ̀ kún un." Mo fi búlúù díẹ̀ kún Lift, abẹ́ tábìlì di 22, 30, 36, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì jókòó sí 151, 108, 84.

Kò dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti obìnrin inú àwòkọ́ṣe, kò sì yẹ kó dọ́gba. Awọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkùnrin wa. Ohun tó yẹ kó bára mu ni òkùnkùn tí kò ní àwọ̀ tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀, àti bí R ṣe ń ṣáájú G, tí G sì ń ṣáájú B lára èèyàn. Ẹni tó bá ń lépa kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan di ti ẹlòmíì ń yí awọ èèyàn padà ni, ìyẹn kì í sì í ṣe àtúntò tí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ "báwo ló ṣe pọ̀ tó", torí "díẹ̀" ẹnì kan lè jẹ́ "púpọ̀" ẹlòmíì. Ohun tí ojú máa rí ni mo fi ń wọn ọ́n. Ìpele àkọ́kọ́: ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀, àfi tí a bá yọ ọ́ kúrò. Ìkejì: á rí i tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Ìkẹta: á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì lè dárúkọ àwọ̀ náà. Tíìlì inú àwòkọ́ṣe wa wà ní ìkejì. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, tó ba ojú ọkùnrin náà jẹ́, wà ní ìkẹta. Tí ẹ bá kọ "kí ó hàn tí a bá fi wé èyí àtijọ́, kó má hàn fúnra rẹ̀", ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni ṣì í gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ojú ẹ̀rọ: kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ pa ètò alẹ́ tó máa ń mú kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà pọ́n. Lójú ẹ̀rọ tó ti pọ́n, gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, tíìlì á sì dà bí eérú. Nọ́ńbà tí ẹ kà kò ní yí padà, ojú yín nìkan ló máa ṣìnà.

Gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ fún ẹni tó máa ṣe ìyókù fídíò náà, nìyí:

"Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́: kí òkùnkùn má ṣú pátápátá, kí funfun má dé góńgó. Lẹ́yìn náà, ẹ dín gbogbo àwọ̀ kù díẹ̀, kí ẹ dín ti ewé kù púpọ̀, ẹ dá ara èèyàn sí. Òkùnkùn síhà tíìlì, kó hàn nínú ìfiwéra nìkan, kí búlúù fi díẹ̀ ju àwọ̀ ewé lọ. Ìmọ́lẹ̀ síhà àwọ̀ ọsàn, kó hàn lójú fìtílà, àmọ́ kí ìwé funfun ṣì jẹ́ ìwé funfun. Ètè ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni kí òun ṣe sí ibi tí ọkùnrin náà ti jáde síta, tí kò sí fìtílà mọ́? Mo ní kó fi òkùnkùn sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì dín wọ́ọ́rọ́ inú ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì, torí pé níta, ojú ọ̀run ló mọ́lẹ̀ jù, tí a bá sì ti í síhà àwọ̀ ọsàn tó ti fìtílà, ọ̀sán á di ìrọ̀lẹ́. Bí Gain bá sì ti dín kù, kó tún ka òkùnkùn, torí búlúù tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ti padà síbẹ̀.